Kí Sólà Má Bàa Bá Ìjì Lọ

Lẹ́yìn ìjì kan nínú oṣù kẹta, mo bá aládùúgbò mi kan ṣa páńẹ̀lì sólà rẹ̀ nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ní Ìbàdàn níbí. Mẹ́jọ ló wà lórí ilé. Afẹ́fẹ́ já méjì gbà. Síkúrù ṣì wà lára irin tí wọ́n fi dè wọ́n. Mo yẹ ẹnu síkúrù náà wò: ó ń dán, kò sí èérún igi kankan lára rẹ̀. Páànù lásán ni wọ́n dè é mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ni pé sólà á wúwo jù fún òrùlé. Páńẹ̀lì wátì 550 kan kò sábà ju nǹkan bíi kílò 33 lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjì tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan bá ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, agbára tó fi ń gbé e sókè lè ju ti kílò 100 lọ. Páànù kò lè di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú. Igi abẹ́ rẹ̀ ló lè dì í mú, bí igi náà bá le.

Nítorí náà, inú àjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí ilé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ wá ọ̀nà tí ikán fi amọ̀ là sára igi. Ẹ fi ìṣó gún igi náà káàkiri, pàápàá níbi tí òjò ti ń jò. Bí ìṣó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, káfíńtà ló kàn, kì í ṣe oní-sólà.

Lórí páànù, ìlà ìṣó àtijọ́ ló ń fi ibi tí igi wà hàn. Ojú ìlà yẹn ni kí síkúrù wọ̀, ní orí gegele páànù, nítorí kòtò rẹ̀ ni omi ń gbà kọjá. Kí rọ́bà wà lọ́rùn síkúrù. Bí wọ́n bá fún un jù, rọ́bà á fàya, ilé á máa jò. Ẹ má sì jẹ́ kí páńẹ̀lì yọ kọjá etí òrùlé, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń le jù.

Wáyà náà ní ewu tirẹ̀. Páńẹ̀lì mẹ́rin tí wọ́n so tẹ̀léra lè mú iná tó fólítì 200 wá, iná náà kò sì ní kú níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn. Bí wáyà bá sùn sórí páànù, afẹ́fẹ́ á máa fi í ha etí páànù títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi bó, iná á sì máa ta pàrà. Kí wọ́n so ó mọ́ abẹ́ irin, kí wọ́n fi páìpù gbé e gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀. Níbi tó ti fẹ́ wọlé, kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí omi lè kán síta.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ padà sínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹnu síkúrù èyíkéyìí tí ẹ bá rí tó yọ sí òfuurufú lábẹ́ páànù ti ṣì igi. Ẹ ní kí wọ́n tún un dè.