Bí Okùn Bollinger Bá Fún: Ìjáde Tòótọ́ àti Ìjáde Ẹ̀tàn

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọjà Bítíkọ́ìnì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, iye ẹyọ kan kò kúrò ní agbègbè 6,200 sí 6,700 dọ́là. Àwọn oníṣòwò kírípítò mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tú. Ibi tí yóò tú sí ni wọn ò mọ̀.

Okùn mẹ́ta ni wọ́n ń wò lórí àtẹ iye owó, èyí tí John Bollinger, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Okùn àárín ni ìpíndọ́gba iye tí ọjà fi parí ní ogún ọjọ́ tó kẹ́yìn. Tòkè àti tìsàlẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ọjà bá ń ru, wọ́n á sì fún bó bá rọlẹ̀. Ká ní òkè wà ní 6,500, ìsàlẹ̀ ní 6,300, àárín ní 6,400. Yọ ìsàlẹ̀ kúrò lára òkè, kí o fi àárín pín in: àlàfo náà jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àlàfo bá kéré ju bó ṣe rí láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, okùn ti fún nìyẹn.

Fífún okùn kò sọ bóyá ọjà máa gòkè tàbí ó máa já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń wọlé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ẹ̀rù ba àwọn tó ní Tether lọ́wọ́, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó máa dúró sí dọ́là kan. Wọ́n sáré fi ra Bítíkọ́ìnì. Láàárín wákàtí mélòó kan, iye rẹ̀ fò láti nǹkan bí 6,300 dé nǹkan bí 6,900. Ó gba orí okùn òkè kọjá, títà àti rírà sì pọ̀ gan-an. Àmọ́ kí ọjọ́ tó parí, ó ti padà sí nǹkan bí 6,600, sínú okùn. Ẹni tó sáré rà lókè ti há.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Iye já láti nǹkan bí 6,350, ó sì parí ọjọ́ náà nísàlẹ̀ 5,800, ó ti jìnnà sí okùn ìsàlẹ̀. Bí okùn ìsàlẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ ni tòkè ń lọ sókè. Àwọn méjèèjì kẹ̀yìn síra wọn. Ní àárín oṣù kejìlá, ẹyọ kan ti di nǹkan bí 3,200.

Òwò pọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, nítorí náà pípọ̀ òwò nìkan kò tó ẹ̀rí. Ibi tí ọjọ́ parí sí ló fi ìyàtọ̀ hàn. Ọjà kírípítò kì í tì, àmọ́ aago kan òru ní Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ àtẹ ń parí ọjọ́. Ẹni tó dúró di ìgbà yẹn pàdánù díẹ̀ nínú ìrìn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ lọ́wọ́ ti oṣù kẹwàá, èyí tó pọ̀ jù nínú ti oṣù kọkànlá sì ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ìdúró yìí náà kì í ṣe àrídájú: iye lè parí lóde lónìí, kó wọlé padà lọ́la. Kí o tó wọ òwò, pinnu iye tí o máa fi jáde bó bá padà sínú okùn.