Lẹ́tà Ìpè fún Ìrànwọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlú: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Yẹ̀ Wò Kí Ó Tó Jáde

Kì í ṣe òní ni àwọn ìlú wa ti ń dá owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ìjẹ̀ṣà dá Iléṣà Gírámà Sùkúù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ti jàǹfààní owó àti agbára àwọn ọmọ ìlú. Títí di òní, nígbà tí ìjì bá ká òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ kan, ohun tí Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́ sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi. Lẹ́tà kan a máa mú owó wá láàárín oṣù kan. Òmíràn a sì wà nínú àpótí títí ìwé yóò fi pọ́n. Nǹkan mẹ́ta ni ó sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà: bóyá lẹ́tà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pàtó, bóyá ó fi ọgbọ́n bá ọkàn ẹni tí ń kà á sọ̀rọ̀, àti bóyá ó sọ kedere ohun tí ó ń béèrè.

A ó fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó ni a ń tọ́ka sí, iye owó tí ó wà nínú rẹ̀ sì wà fún àlàyé nìkan. Kí olúkúlùkù béèrè iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà àdúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìjì ká òrùlé kíláàsì mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ìgbìmọ̀ sì kọ lẹ́tà yìí:

«Ẹ̀yin ọmọ wa, pẹ̀lú omijé lójú ni a fi kọ ìwé yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ti bàjẹ́ pátápátá. Ìyà ń jẹ àwọn ọmọ wa bí ẹran tí kò ní olówó. Ẹ̀yin ń gbé inú ilé aláràbarà lókè òkun, ẹ sì ti gbàgbé orísun yín. Owó tí a nílò pọ̀ gan-an. Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, kí ó mọ̀ pé ìlú ń wo òun.»

Òótọ́ ni àwọn tó kọ lẹ́tà yìí ń sọ, ìrora ọkàn wọn kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kà á tán kò tíì mọ ohun tí ó bàjẹ́ gan-an, kò mọ iye tí yóò tún un ṣe, kò sì mọ ibi tí owó yóò gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pàtó

Ọ̀rọ̀ bí «ó ti bàjẹ́ pátápátá» kò fi nǹkan kan han ẹni tí kò sí nítòsí. Ó tilẹ̀ lè mú un rò pé iṣẹ́ náà ti kọjá agbára òun, nítorí kò sí iye tí ẹnì kan lè fi sílẹ̀ tí yóò tún ohun tó bàjẹ́ pátápátá ṣe. Ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ ní láti dáhùn ni: kí ló ṣẹlẹ̀, nígbà wo, ta ni ó kàn, kí ni a ó sì ṣe sí i?

Ìdáhùn wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti lẹ́nu káfíńtà. Ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé ọmọ 118 ni ó wà ní kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Gbọ̀ngàn ìlú ni gbogbo wọn ń lò báyìí, níbi tí olùkọ́ mẹ́ta ti ń kọ́ni lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ògiri láàárín wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ju omijé lọ: ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì rí yóò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Káfíńtà náà wọn ibẹ̀, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Páànù 220 ní ₦10,000 ẹyọ kan jẹ́ ₦2,200,000. Igi jẹ́ ₦700,000. Ìṣó jẹ́ ₦100,000. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦150,000. Owó iṣẹ́ káfíńtà sì jẹ́ ₦450,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Ó yẹ kí lẹ́tà sọ ọjọ́ tí wọ́n gba iye yìí lọ́wọ́ káfíńtà, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Bí ó bá ti ju oṣù mélòó kan lọ, kí wọ́n tún béèrè kí lẹ́tà tó jáde, kí owó má baà pé tán kí ọjà sì ti gbówó lórí.

Bí a ṣe ń bá ọkàn sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ bú ẹni tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù láti san owó ilé kò ní gbà pé òun ń jayé. Inú tí ó bí i ni yóò rántí, kì yóò rántí òrùlé. Bákan náà ni ó sọ àwọn ọmọ di ẹni ẹ̀gàn nígbà tí ó fi wọ́n wé ẹran. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọn yóò sì ka lẹ́tà náà lọ́jọ́ kan.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí a ń sọ kò túmọ̀ sí pé kí a fi ìṣòro pamọ́. Kí lẹ́tà sọ ohun kan tó nira, ohun kan tí ìlú ti ṣe fúnra rẹ̀, àti ohun tí yóò yí padà bí owó bá pé. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn òbí àti àwọn oníṣòwò ìlú ti dá ₦900,000. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò mẹ́nu kàn án rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ọ̀rọ̀ tó lágbára jù lọ tí wọ́n ní, nítorí ó fi hàn pé àwọn ará ilé kò káwọ́ gbera kí wọ́n tó ké sí ará òde.

Ọ̀rọ̀ àwòrán náà gba ìṣọ́ra. Àwòrán kíláàsì tí kò ní òrùlé tó láti fi ìṣòro hàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 dá ẹ̀tọ́ ọmọ sí àṣírí ara rẹ̀ mọ̀, nítorí náà kí a má ṣe fi ojú tàbí orúkọ ọmọ kankan sínú lẹ́tà láìgba àṣẹ òbí rẹ̀, kí a má sì ya ọmọ níbi tí ojú ti ń tì í.

Ohun tí a ń béèrè

«Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn» dún bí ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ ìṣirò lé ẹni tí ń kà á lórí. Ẹlòmíràn yóò máa ronú bóyá ₦5,000 kéré tàbí ₦50,000 pọ̀ jù, yóò sì gbé e sílẹ̀ di ọ̀la.

Owó tí ó kù nínú àpẹẹrẹ wa jẹ́ ₦2,700,000. Bí orúkọ 180 bá wà nínú ìwé ìgbìmọ̀, ó lè wù wọ́n láti pín in dọ́gba, kí wọ́n béèrè ₦15,000 lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí a kọ̀wé sí ni yóò dáhùn. Bí ẹni 60 péré bá san, ₦900,000 ni yóò wọlé. Ó sàn kí wọ́n pín in sí ìpele mẹ́ta: ẹni 10 ní ₦100,000, ẹni 20 ní ₦50,000, ẹni 35 ní ₦20,000. Ẹni 65 ni yóò kájú owó náà, kò sì pọndandan kí gbogbo ẹni 180 dáhùn. Ìgbìmọ̀ á wá yan ìpele tó bá agbára olúkúlùkù mu, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì béèrè iye kan ṣoṣo. Lẹ́tà tuntun tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹni ₦20,000 nìyí:

«Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, a kí yín, a sì kí ìdílé yín. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ìjì ká òrùlé kíláàsì mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ 118 ti ń lo gbọ̀ngàn ìlú, olùkọ́ mẹ́ta sì ń kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà sọ ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún pé ₦3,600,000 ni iṣẹ́ náà yóò gbà. A ti dá ₦900,000 nílé. A ń bẹ̀ yín kí ẹ fi ₦20,000, tí í ṣe owó páànù méjì, ràn wá lọ́wọ́ kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù Keje, kí a lè ṣe iṣẹ́ náà nígbà ìsinmi oṣù Kẹjọ. Àkáǹtì ìgbìmọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹni mẹ́ta ní í fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Bí owó kò bá pé, kíláàsì méjì ni a ó kọ́kọ́ bò. A ó fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sí yín ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. A dúpẹ́.»

Ìkíni inú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, ọjọ́ tí ó dá sì ní ìdí: òjò a máa dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ a sì wà nílé. Kí àkáǹtì jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan, bí ó ti wù kí ẹni náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó.

Kí lẹ́tà tó jáde, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé: kí ló ṣẹlẹ̀, èló ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ wo, kí ni wọn yóò fi ṣe? Èyí tí kò bá lè dáhùn ni kí ẹ tún kọ.

Ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo wa pé ìrànwọ́ àtinúwá ni èyí. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ Kárí Ayé ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà kékeré di ọ̀fẹ́, nítorí náà a kò gbọdọ̀ lé ọmọ kankan kúrò ní kíláàsì nítorí pé òbí rẹ̀ kò dá sí i.