Oníbàárà Ló Ń Polówó Èlùbọ́

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ n'Íbàdàn, tó wà nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí iléèwé ọmọ rẹ̀. Bó bá ń gbé àwòrán ọjà síbẹ̀ láràárọ̀, wọn ò ní pẹ́ yọ ọ́. Ìgbà tí òbí mìíràn bá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti lè rí èlùbọ́ tí kò ní yanrìn?" tí ẹni tó ti rà á rí sì fi nọ́ńbà ìyá náà ránṣẹ́, ìgbà yẹn lọjà tó tà. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ rà á làwọn èèyàn ń gbà gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà rò pé gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà àwọn ló ń rí sítátọ́ọ̀sì àwọn. Rárá o. Àfi kí ẹ̀yin méjèèjì ti fi nọ́ńbà ara yín pamọ́ sórí fóònù, wákàtí 24 péré ló sì ń lò. Nítorí náà, kó tó gbé kóńgò àkọ́kọ́ fún oníbàárà tuntun, kó sọ pé: "Ẹ bá mi fi nọ́ńbà mi pamọ́, ẹ kọ ọ́ sí Ìyá Elélùbọ́." Kóun náà fi tiwọn pamọ́ lójú ẹsẹ̀.

Gúrúùpù yìí kan náà lè bà á jẹ́ o. Bẹ́nìkan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àmàlà òun ń korò, kó má jiyàn. Kó tọrọ àforíjì níbẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì wá yẹ àpò tó ti bù ú wò.