Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ sí Í Kà

Lọ́dún 1960, Jean Delay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ kan tí wọ́n ń lo halopẹrídọ́ọ̀lù. Oògùn tó yẹ kó mú ara wọn balẹ̀ ló mú ara wọn le gbagidi, tí ibà líle sì kì wọ́n mọ́lẹ̀. Niurolẹpítíìkì málígínáǹtì síńdírómù ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ohun tó fà á ni pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń dènà dopamíìnì, èròjà inú ọpọlọ tó ń darí bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ara ṣe ń gbóná. Kò wọ́pọ̀, ó sì lè pani. Ọ̀pọ̀ dókítà kò ní rí i rí kó tó di pé ó dé bá wọn. Ìdí nìyí tí ìròyìn lórí aláìsàn kan ṣoṣo fi ṣì ń rí àyè nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn.

Ohun tó sábà máa ń ba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé òǹkọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ibà dé. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan ń pariwo, kò sùn, ó ń bá ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ jà. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n gún un ní halopẹrídọ́ọ̀lù mílígíráàmù 10, wọ́n sì ń tún un gún lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, apá rẹ̀ le, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé ní orí ń kunkun ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná dé 39.8, òógùn bò ó, ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Àyẹ̀wò ibà ní ó ní ibà, wọ́n fún un ní atẹsunéètì. Ní ọjọ́ keje, ara ṣì ń gbóná, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì. Ìgbà náà ni wọ́n wọn kíríátíìnì káínéèsì, èròjà tí iṣan tó ń bàjẹ́ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀: 12,400, nígbà tó yẹ kó má kọjá nǹkan bíi 200. Wọ́n dá halopẹrídọ́ọ̀lù dúró lọ́jọ́ náà, wọ́n fa omi sí i lára púpọ̀, wọ́n fi omi tútù nu ara rẹ̀, wọ́n sì fún un ní bromokríptíìnì. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ibà ti lọ, ó béèrè oúnjẹ.

Nínú àtẹ àkókò, iye ọjọ́ láti ìgbà abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe déètì inú kàlẹ́ńdà. Ó ń bo àṣírí aláìsàn, ó sì ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn kedere: líle ara ti wà kí ibà tó dé, abẹ́rẹ́ sì ń lọ síbẹ̀.

Àtẹ yìí náà ló ń ya àwọn àìsàn tó jọra sọ́tọ̀. Ibà ẹ̀fọn ló ṣòro jù níbí, torí àyẹ̀wò jáde sí i. Àmọ́ àyẹ̀wò onípátákó kékeré tó ń wá èròjà inú kòkòrò ibà lè máa sọ pé ó wà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ibà nìkan kì í sì í mú iṣan le báyìí. Yírunyírun ńkọ́? Kí òǹkọ̀wé sọ pé wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì mọ́. Bí wọn kò bá fà á, kó sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú iṣan fúnra rẹ̀ máa ń gbé kíríátíìnì káínéèsì sókè, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó gbé e dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Sẹrotóníìnì tó pọ̀ jù máa ń mú ẹsẹ̀ gbọ̀n pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, kò sì sí oògùn tó lè fà á nínú ohun tó lò. Èyí tó kù ni katatóníà líle, tí ẹni náà kì í sọ̀rọ̀ tí kì í mira. Wọ́n jọra gan-an, àwọn ògbógi kan tilẹ̀ ní ìbátan ni wọ́n. Ohun tó tì wá sí ọ̀dọ̀ oògùn ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń pariwo kí wọ́n tó gún un.

Níbi ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìkánjú a máa wọ òǹkọ̀wé. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé bromokríptíìnì ló wò ó sàn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá halopẹrídọ́ọ̀lù dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn yìí sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ìdádúró. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ olóṣooṣù ni, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Lẹ́yìn tí a fún un” ló lè kọ, “nítorí” kò sí ńbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí aláìsàn yìí lè gbé kò ju èyí lọ: bí ara ẹni tó ń lo irú oògùn yìí bá le tó sì gbóná, kí wọ́n dá oògùn dúró kí wọ́n sì wọn iṣan, kódà bí àyẹ̀wò ibà bá ní ibà ni.

Ìlànà CARE tó jáde ní 2013 béèrè fún ìfọwọ́sí aláìsàn àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé e wá ló máa fọwọ́ sí i bí ó bá ti yè kooro. Ẹ jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ná, kí ẹ ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹ tó gbé bírò fún un.