Àkọlé Ímeèlì Tí Ọ̀gá Kò Ní Fò Dá

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà kọ ímeèlì sí ọ̀gá rẹ̀. Bátìrì ínfátà wọn ti kú. Ẹni tó ń ta bátìrì ti ní òun á kó mẹ́rin fún wọn ní ₦1,840,000, ṣùgbọ́n tí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá, iye náà ń lọ sókè nìyẹn. Ohun tí akọ̀wé ń fẹ́ ni kí ọ̀gá fọwọ́ sí owó. Àkọlé tó fún ímeèlì náà ni "Ọ̀rọ̀ bátìrì". Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, ọ̀gá fèsì: "Mo ti rí i, o ṣé."

Irú èsì báyìí la fi ń mọ̀ pé àkọlé kò ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí tí ìpàdé mẹ́ta ń dúró dè kò ráyè wá àbọ̀ tó kù. Ó ṣí ímeèlì, ó rí ìtàn ọdún tí wọ́n ra bátìrì àtijọ́ àti ohun tí oníná wí, ó sì tì í. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni akọ̀wé ti sọ pé, "A ó dúpẹ́ bí ẹ bá lè fọwọ́ sí i."

Ibẹ̀ gan-an ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ìparí lẹ́tà yín, ẹ wá ìlà tí ẹ ti tọrọ nǹkan, ẹ yọ ọ́ síta. Tí ẹ bá rí ohun méjì tí ẹ ń tọrọ, ímeèlì méjì ni ẹ máa kọ, torí wọ́n á dáhùn ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé ìkejì.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣi ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e gbé. Ẹ̀kọ́ ilé á mú wa kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ owó bátìrì tí a sọ ní ìpàdé." Orí fóònù lọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ka ímeèlì, fóònù kì í sì sábà fi ju nǹkan bí lẹ́tà 30 sí 40 hàn nínú àkọlé. Ohun tí ọ̀gá máa rí kò ju "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀" lọ. Ìkíni ti jẹ gbogbo àyè tán. Kọ̀ńdọ́ dánfó kì í kí èrò kó tó pe Oṣòdí. Inú lẹ́tà ni kí ìkíni wà. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọ̀gá ṣe ni kó ṣíwájú àkọlé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ọjọ́ ló kàn. Ọjọ́bọ̀ ni òǹtajà dá, ṣùgbọ́n akáǹtì nílò ọjọ́ kan láti fi owó ránṣẹ́. Nítorí náà, Ọjọ́rú ló yẹ kó wà nínú àkọlé. Ọjọ́ tí ẹ nílò ọwọ́ ọ̀gá ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọjọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́. Bí àkọlé ṣe wá rí nìyí:

"Ẹ fọwọ́ sí kí Ọjọ́rú tó tán: bátìrì 4, ₦1,840,000"

Bí fóònù bá gé owó tó wà nípẹ̀kun kúrò, iṣẹ́, ọjọ́ àti ohun tí a fẹ́ rà ṣì hàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ímeèlì tún máa ń fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú lẹ́tà hàn lábẹ́ àkọlé, nítorí náà ẹ fi ìdí ọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Láti Ọjọ́ Ẹtì ni iye náà ti máa lọ sókè."

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tuntun pamọ́ sábẹ́ "Re: Re: Ìpàdé oṣù tó kọjá". Lórí Gmail, tí ẹ bá yí àkọlé padà, ímeèlì náà á dá dúró lọ́tọ̀, kò ní sin sínú ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bí kò bá sí ohun tí ọ̀gá máa ṣe, ẹ kọ "Fún ìmọ̀ yín nìkan" ṣíwájú. "KÍÁKÍÁ" tí ẹ bá sì ń kọ sórí gbogbo ímeèlì kò ní pẹ́ dòfo. Ọjọ́ àti aago ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yá tó. Owó oṣù tàbí àìsàn ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí nínú àkọlé, torí ó lè yọ lójú fóònù tí a kò tíì ṣí, níbi tí ẹni tó jókòó ti ọ̀gá ti lè kà á.

Kí ẹ tó fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ ka àkọlé nìkan sí ẹnìkan létí, kí ẹ sì bi í ní ohun tó yẹ kí ọ̀gá ṣe àti ìgbà tó yẹ kó ṣe é. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ tún un kọ.