Ètò ìsìn lédè Ìgbò: ibi tí àmì ti máa ń da atẹ̀wé Yorùbá láàmú

Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ sí, kì í ṣe ohun tuntun pé kí atẹ̀wé tó jẹ́ Yorùbá gba iṣẹ́ ìwé ètò ìsìn tí wọ́n kọ lédè Ìgbò. Ìdúpẹ́ ni o, ìsìnkú ni o, ìgbéyàwó ni o, orí Wasáàpù ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń gbà wọlé, láìní àmì kankan. Atẹ̀wé á wá rò ó lọ́kàn pé òun náà kúkú mọ àmì, ṣebí Yorùbá ń lo àmì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé àmì èdè méjèèjì jọra lójú, àmọ́ òfin wọn yàtọ̀.

(Kí Yorùbá máa kọ Ìgbò sílẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àjàyí Crowther ló ṣe ìwé alífábẹ́ẹ̀tì Ìgbò jáde ní 1857, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù.)

Àkọtọ́ tí wọ́n ń lò báyìí wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí Dókítà S. E. Ọnwụ jẹ́ alága rẹ̀ ní 1961. Fáwẹ́lì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: a, e, i, ị, o, ọ, u, ụ. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí “ẹ” níbẹ̀ rárá. Kò sí “ṣ” náà, “sh” ni wọ́n ń kọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “ẹkpere” nínú ètò ìsìn, Yorùbá ló tẹ̀ ẹ́. “Ekpere” ni àdúrà ń jẹ́.

Ohun tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ jù ni àǹkóò fáwẹ́lì. Agbo méjì ni fáwẹ́lì Ìgbò pín sí. Agbo kìíní ni a, ị, ọ, ụ. Agbo kejì ni e, i, o, u. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà mú látinú agbo méjèèjì. Bí “a” bá wà nínú ọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àwọn fáwẹ́lì tó kù máa ní àmì lábẹ́. Bí “e” bá wà níbẹ̀, wọn kì í sábà ní in. Ká sọ pé báyìí ni iṣẹ́ ṣe wọlé:

Usoro ofufe ekele
Ogugu Akwukwo Nso nke mbu
Abu onu
Okwuchukwu: Chukwu bu onye nzoputa anyi
Onyinye ezinulo
Ngozi

Ìlà àkọ́kọ́, ìyẹn ètò ìsìn ìdúpẹ́, ti pé bó ṣe wà. Ẹni tó bá ń fi àmì sábẹ́ gbogbo “o” àti “u” tó bá rí á sọ ọ́ di “ụsọrọ”, yóò sì bà á jẹ́. Nínú “Akwukwo”, “Abu”, “nzoputa” àti “anyi”, “a” ti sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe: “Akwụkwọ”, “Abụ”, “nzọpụta”, “anyị”. “Ezinulo” lè tan èèyàn, torí “e” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀ ni, “ụlọ” tó túmọ̀ sí ilé sì wà ní ìdí rẹ̀, nítorí náà “ezinụlọ”, ìyẹn ìdílé, ló tọ̀nà. Orúkọ tí wọ́n yá, bíi “Jizọs”, kì í tẹ̀ lé òfin yìí náà.

Àwọn tó ṣòro ni ọ̀rọ̀ tí kò ní “a” tí kò sì ní “e”. Àǹkóò kò lè yanjú ìyẹn, àfi kéèyàn mọ ọ̀rọ̀ náà. “Nsọ” ni mímọ́, “nso” ni ìtòsí. Ẹni tó bá kọ “Mmụọ Nso” ti sọ Ẹ̀mí Mímọ́ di ẹ̀mí tó wà nítòsí. “Bụ” ni “jẹ́”, “bu” ni kéèyàn gbé ẹrù. Bí ẹ bá fi “bu” sílẹ̀ nínú ìlà ìwàásù yẹn, ohun tẹ́ ẹ kọ ni pé Ọlọ́run gbé olùgbàlà wa, kì í ṣe pé òun ni olùgbàlà wa.

“Abu onu” ló máa ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ jù. Orin ayọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, ayọ̀ sì ni “ọṅụ”. Àmì kan wà lórí “n” yẹn, lẹ́tà ọ̀tọ̀ sì ni. Ìró rẹ̀ dà bíi ti “ń” nínú “ó ń kọrin”. Bí àmì náà kò bá sí, ó di “ọnụ”, tó túmọ̀ sí ẹnu. Atẹ̀wé tó fi àmì sábẹ́ “o” àti “u” á rò pé òun ti parí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì tíì parí. Bí ó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà jáde nìyí:

Usoro ofufe ekele
Ọgụgụ Akwụkwọ Nsọ nke mbụ
Abụ ọṅụ
Okwuchukwu: Chukwu bụ onye nzọpụta anyị
Onyinye ezinụlọ
Ngọzi

Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín pààrọ̀ gbogbo “bu” sí “bụ” lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa wọnú “ebube”, tó jẹ́ ògo, á sọ ọ́ di “ebụbe”. Bó bá pọn dandan, ẹ kọ́kọ́ yan `Find whole words only`, kẹ́ ẹ sì máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmì ohùn wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àmì abẹ́ jẹ́ ara lẹ́tà, kò ṣeé yọ. Àmì ohùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: Bíbélì àti ìwé orin Ìgbò kì í sábà fi í sí. Ó tún kù. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ohùn àárín ni a kì í fàmì sí. Ọ̀pọ̀ ìwé Ìgbò tó ń lo àmì ohùn máa ń fi ohùn òkè sílẹ̀ láìfàmì sí i, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sàmì sí. Yorùbá tó bá fi etí ilé kà á yóò ṣì í kà.

Ibi tí àmì ohùn ti wúlò ni ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ní ìtumọ̀ púpọ̀. “Ákwá” ni ẹkún, “ákwà” ni aṣọ, “àkwá” ni ẹyin, “àkwà” sì ni ibùsùn. Nínú ìwé ìsìnkú, bí ìlà kan bá kà pé “Akwa ụmụ nwaanyị”, ṣé aṣọ àwọn obìnrin ni àbí ẹkún wọn? Ẹ má kàn lọ da àmì inú ìwé atúmọ̀ èdè kọ síbẹ̀, torí ohùn ọ̀rọ̀ Ìgbò lè yí padà bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí ẹni tó ni ìwé kà á jáde. Ó sì lè fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ kọ “uwe” dípò “akwa”. Aṣọ wíwọ̀ ni “uwe”, kò sì sí ẹkún nínú rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lè máà ní ị àti ụ. Nínú Word, ẹ tẹ nọ́ńbà yìí, kẹ́ ẹ sì tẹ `Alt+X`:

```
ị 1ECB   Ị 1ECA
ọ 1ECD   Ọ 1ECC
ụ 1EE5   Ụ 1EE4
ṅ 1E45   Ṅ 1E44
```

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn àkọlé. Fọ́ǹtì olódòdó tí wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó lè máà ní lẹ́tà wọ̀nyí, á wá gbé àpótí òfìfo síbẹ̀ tàbí kó yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Bí ẹ bá sì fa ìlà sábẹ́ àkọlé, ìlà náà máa bo àmì abẹ́ mọ́lẹ̀, “Nsọ” á sì tún dà bíi “Nso” lójú ẹni tó ń kà á. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà nípọn dípò kẹ́ ẹ fa ìlà. Ẹ wá tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo sórí pépà, kẹ́ ẹ fi í fún ẹni tó máa ka Bíbélì lọ́jọ́ ìsìn kó kà á sókè. Ibi tó bá ti dúró tún un kà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.