Sọ́lítíà tó há: ìgbà wo ni ẹ̀bi káàdì, ìgbà wo ni ẹ̀bi ẹni tó ń ta á?

Ẹni tó bá ti ta Sọ́lítíà lórí kọ̀ǹpútà rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí. Káàdì ń lọ geere, éèsì mẹ́ta ti wọlé, àfi bó ṣe di pé kò sí ohun tó ṣeé gbé mọ́. A yí òkìtì ká, a tún un yí, káàdì kan náà ló ń yọjú. Láàárín àwọn tó ń ta á ní ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin, láti Tanke títí dé Òpópónà Táíwò, ẹni kan lè ní kọ̀ǹpútà ló ń yan òun jẹ. Ẹlòmíràn lè ní kò sí èyí tí ọwọ́ tó já fáfá kò lè jẹ. Kò sí èyí tó gbà á tán nínú àwọn méjèèjì. Àwọn ìpín kan ti kú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì. Àwọn mìíràn ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n àwa la ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Eré tí à ń sọ ni Klọ́ńdáìkì, ẹ̀yà Sọ́lítíà tí iléeṣẹ́ Microsoft fi sínú Windows 3.0 ní 1990, tí ó sì ti ibẹ̀ tàn ká ayé. Káàdì 52 ni. Wọ́n á to 28 nínú wọn sí ìlà méje: ọ̀kan ní ìlà kìíní, méjì ní ìkejì, títí dé méje ní ìkeje. Káàdì tó wà lókè ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan ló ṣíjú, 21 tó kù dojú bolẹ̀. Káàdì 24 tó ṣẹ́kù ni òkìtì tí à ń ṣí ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó jẹ́ pé èyí tó wà lókè nìkan ló ṣeé mú. Lórí ìlà, pupa ń gun dúdú, dúdú ń gun pupa, nọ́ńbà sì ń wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí à ń lọ ni ilé mẹ́rin òkè, níbi tí irú káàdì kọ̀ọ̀kan ti ń to ara rẹ̀ láti éèsì dé ọba.

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, gbogbo ọmọ ayò ló wà lójútáyé. Níbí, nínú 52, méje péré la rí nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá.

Ta ló ka ìpín tó kú?

Kò sí ẹni tó lè yẹ gbogbo ìpín wò. Iye ọ̀nà tí káàdì 52 lè gbà tò jẹ́ 8 tí òdo 67 tẹ̀ lé e. Ìṣòro yìí gan-an ló ko onímọ̀ ìṣirò Stanislaw Ulam lójú ní 1946. Àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ń fi Sọ́lítíà pa ọjọ́, ó sì fẹ́ mọ iye ìgbà tí eré náà máa ń yọrí sí rere. Nígbà tí ìṣirò lórí ìwé kò tu irun kan lára rẹ̀, ó ronú pé ohun tó rọrùn jù ni kí a ta á lọ́pọ̀ ìgbà, kí a sì ka iye tó bọ́ sí i. Òun àti John von Neumann sọ èrò yìí di ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Mọńté Kálò, èyí tí àwọn onímọ̀ fìsíìsì ṣì ń lò dòní.

Ọ̀nà yìí náà ni Charlie Blake àti Ian Gent ti Yunifásítì St Andrews ní Skọ́tíláǹdì gbà nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2019. Wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà po káàdì ní àìmọye ìgbà, kí ó sì wá ọ̀nà àbáyọ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó rí gbogbo káàdì, títí kan èyí tó dojú bolẹ̀. Èsì wọn ni pé bíi 82 nínú 100 ìpín ló ṣeé jẹ, bí a bá ń ṣí òkìtì ní mẹ́ta-mẹ́ta láìní òpin. Ìyẹn ni pé bíi 18 nínú 100 kò ní ọ̀nà kankan, bí ọlọ́gbọ́n ayé ló ń ta á.

Bí ìpín ṣe ń kú

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan tí ẹ lè fi káàdì gidi tò sórí tábìlì. 8 háàtì ló ṣíjú lókè ìlà keje. Ọ̀nà méjì péré ló lè gbà kúrò níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ó gun 9 dúdú, ìyẹn 9 sípéèdì tàbí 9 kílọ́ọ̀bù. Èkejì, kí ó lọ sílé, èyí tó túmọ̀ sí pé éèsì títí dé 7 háàtì ti gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wá gbà pé nínú káàdì mẹ́fà tó dojú bolẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, 9 sípéèdì wà níbẹ̀, 9 kílọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, 4 háàtì náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. 8 háàtì kò lè kúrò àfi tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá jáde, kò sì sí èyí tó lè jáde àfi tí 8 háàtì bá kúrò. Káàdì mìíràn lè gun un, òkìtì lè dára bí ó ti wù, kò sí ohun tí yóò yí i padà. Nígbà tí 8 háàtì bá wà lókè ìlà keje, 9 dúdú méjèèjì pẹ̀lú ó kéré tán háàtì kékeré kan máa ń bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 180 ìpín.

Ìdè tó le láti rí ni èyí tó so ìlà méjì pọ̀. Ká ní 5 kílọ́ọ̀bù ló wà lókè ìlà kẹfà, 10 dáyámọ́ǹdì sì wà lókè ìkeje. 5 kílọ́ọ̀bù ń wá 6 pupa tàbí kí kílọ́ọ̀bù tó kéré jù ú wọlé tán, ṣùgbọ́n 6 pupa méjèèjì àti 2 kílọ́ọ̀bù wà lábẹ́ 10 dáyámọ́ǹdì. 10 dáyámọ́ǹdì náà ń wá jáàkì dúdú tàbí kí dáyámọ́ǹdì tó kéré jù ú wọlé tán, ṣùgbọ́n jáàkì dúdú méjèèjì àti 3 dáyámọ́ǹdì wà lábẹ́ 5 kílọ́ọ̀bù. Kálukú di kọ́kọ́rọ́ ẹnì kejì mú. Ìlà márùn-ún tó kù lè máa lọ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹni tó ń ta á sì rò pé òun ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ eré ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ṣeé jẹ tí a kì í jẹ

82 yẹn kì í ṣe iye tí ènìyàn lè máa retí o. Kọ̀ǹpútà St Andrews rí abẹ́ káàdì, àwa kò rí i. Ní 2009, Ronald Bjarnason, Alan Fern àti Prasad Tadepalli ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta á láìrí ohun tó dojú bolẹ̀, ó sì jẹ bíi 35 nínú 100. Àlàfo tó wà láàárín 35 àti 82 fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìpín ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n oríta rẹ̀ wà níbi tí ojú kò tó. Kò sí ìṣọ́ra tó lè pa àlàfo yẹn dé. Ohun tó lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa dá ìdè mìíràn kún èyí tí káàdì bá wá.

Oríta àkọ́kọ́ ni ìgbà tí káàdì méjì ń du àyè kan. Ká ní 7 sípéèdì ṣíjú, 6 háàtì wà lókè ìlà kẹta, 6 dáyámọ́ǹdì sì wà lókè ìkeje. Ọ̀kan péré ló lè gun 7 náà. Káàdì méjì ló fara pamọ́ sábẹ́ ti ìlà kẹta, mẹ́fà ló wà lábẹ́ ti ìkeje. Bí kò bá sí ìdí pàtàkì mìíràn, ti ìlà keje ni kí a gbé, nítorí ìlà gígùn ni ìdè bí irú èyí tí a wò lókè máa ń sá pamọ́ sí, ó sì yẹ ká tètè mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Oríta kejì ni ìkánjú sílé. Éèsì àti 2 kò ní ewu, ẹ máa gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n 5 háàtì tó wà lórí ìlà lè jẹ́ ibùsọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún 4 sípéèdì. Bí a bá ti gbé e lọ sílé, tí 5 dáyámọ́ǹdì sì wà nísàlẹ̀ ibì kan, 4 sípéèdì á dúró gbagidi lórí ohun tó bò mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n tó rọrùn láti rántí ni pé 5 pupa lè lọ sílé láìséwu nígbà tí 4 dúdú méjèèjì bá ti wà nílé, nítorí kò sí ẹni tó tún nílò ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún nọ́ńbà yòókù.

Ìlà tó ṣófo náà ń tan ènìyàn. Ọba nìkan ló lè wọ ibẹ̀, nítorí náà ẹni tó ṣí àyè sílẹ̀ láìsí ọba nítòsí kò tíì jèrè ohunkóhun. Bí ọba méjì bá sì wà, ẹ wo ayaba tó ń dúró kí ẹ tó yan èyí tí yóò wọlé: ayaba dúdú ń wá ọba pupa, ayaba pupa ń wá ọba dúdú.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọbi ara sí ni ìṣirò òkìtì. Ẹ fi nọ́ńbà 1 sí 24 pe àwọn káàdì rẹ̀. Ní yípo àkọ́kọ́, èyí tó máa wà lókè ni 3, 6, 9, títí dé 24. Bí a bá mú ẹ̀kẹfà nìkan, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún. Yípo tó tẹ̀ lé e á gbé 3, 7, 10, 13, 16, 19, 22 àti 24 wá sókè: mẹ́fà nínú wọn kò ṣeé mú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú 6, tí a mú 5 àti 4 tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, òkìtì á padà sí bó ṣe wà, 9 àti 12 ni yóò tún máa yọjú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yí òkìtì ká lẹ́ẹ̀kan láìmú nǹkan kan, kí ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí eré bá fẹ́ há, ẹ wá káàdì kan tó ṣeé mú ní ìbẹ̀rẹ̀ òkìtì, nítorí òun ló ń sún ohun púpọ̀ jù lọ.

Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó jẹ̀bi nígbà tí eré bá há? Ẹ tẹ Undo títí dé oríta tó kẹ́yìn, kí ẹ gba ọ̀nà kejì. Bí káàdì tuntun bá ṣí lójú ọ̀nà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpinnu yín ló dá a dúró. Bí gbogbo oríta bá parí síbi kan náà, tí ìlà kan sì wà tí kò ṣí rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ka káàdì tó lè gbé èyí tó wà lókè rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá wá káàdì méjèèjì tó lè gbà á sórí káàkiri orí ìlà àti inú òkìtì tí ẹ kò rí wọn, tí káàdì kékeré irú tirẹ̀ kan náà sì sọnù, abẹ́ àwọn ìlà tó ti há náà ni wọ́n wà. Ẹ pín káàdì mìíràn, ìyẹn ti kú kí ẹ tó jókòó.